"Bàbá Ti Ní Kò Burú"

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbólóhùn kan ti ń jà rànyìn lọ́kàn mi, gbólóhùn náà kò sì gùn: "Bàbá ti ní kò burú." Ayálégbé kan ló sọ ọ́ fún ọmọ onílé, lójú éjẹ́ǹtì, ní Ọ̀bá-Ilé, lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù jáde nínú fúláàtì tó ti gbé fún ọdún mẹ́rin. Ẹnu gbogbo wa ni gbólóhùn yìí wà ní Àkúrẹ́. Òun la fi ń de irin mọ́ ojú fèrèsé, òun la fi ń sọ ògiri funfun di àwọ̀ ewé. Ohun tó ń dà mí láàmú níbẹ̀ ni pé irọ́ kọ́ ni ọkùnrin náà pa. Bàbá onílé ní kò burú lóòótọ́ pé kí ọkùnrin náà de irin mọ́ fèrèsé, lójú rẹ̀, lójú ìyàwó rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín. Síbẹ̀ òtítọ́ yẹn kò wúlò fún un.

### Gíráńdà tó dákẹ́

Àárọ̀ Sátidé ni. Wẹ́dà ti tan jẹnẹrétọ̀, ó ti ki ojú gíráńdà bọ ẹsẹ̀ irin àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ fèrèsé pálọ̀, iná sì ń ta pàràpàrà sórí dẹ́ńgẹ́. Ẹsẹ̀ irin náà wọnú ògiri, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi dì í. Nígbà tí wẹ́dà fi òòlù gbá a kó lè jáde, igun fèrèsé bá a jáde, ó tó ìkúùkù àgbàlagbà. Búlọ́ọ̀kù inú ògiri yọjú síta.

Ọmọ onílé dé bá wọn níbẹ̀. Bàbá ti kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ yìí àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bójú tó ilé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ máa gé irin ilé wa?" Ayálégbé ní irin tòun ni, owó òun lòun fi rà á, bàbá sì ti ní kò burú. Éjẹ́ǹtì tó ti ń dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wá béèrè ohun tó mú gíráńdà dákẹ́: "Sà, kí gan-an ni bàbá ní kò burú? Kí ẹ fi irin sí i ni, àbí kí ẹ yọ ọ́?"

Kò sẹ́ni tó mọ ìdáhùn. Bàbá nìkan ló lè sọ, bóyá bàbá náà kò sì ronú kan ìyẹn rí. Ẹni tó ń tọrọ àyè láti de irin, ọjọ́ tó fẹ́ dè é ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀. Ọjọ́ tí yóò kó jáde ni ìjà máa ń bẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé lẹ́tà tí a ń kọ sí onílé, tó bá fi "ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́" bẹ̀rẹ̀ tó sì fi í parí, kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

### Ti ta ni irin tí a ti dè?

Ìlànà kan wà nínú òfin ilẹ̀ tí ilé ẹjọ́ wa jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó: ohun tí a bá so mọ́ ilẹ̀ tàbí ilé ti di ara rẹ̀, ẹni tó ni ilé ló ni ín. Ẹni tó sanwó rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè. Ohun méjì ni adájọ́ máa ń wò: báwo ló ṣe lẹ̀ mọ́ ilé tó, àti kí ló fà á tí a fi so ó mọ́ ọn. Àyè díẹ̀ wà fún ayálégbé, nítorí ó lè yọ ohun ẹ̀ṣọ́ àti ohun ìlò inú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so mọ́ ọn, bí yíyọ rẹ̀ kò bá ní ba ilé jẹ́ púpọ̀. Kó sì tó kó jáde ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ohun tó bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti dá kọ́kọ́rọ́ padà, onílé ló ni ín.

Ẹ wá gbé irin fèrèsé sórí ìwọ̀n yẹn. Irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ògiri, tí a fi sìmẹ́ǹtì dì, tí igun fèrèsé ń bá a jáde, ọ̀dọ̀ onílé ló fì sí. Irin tí bóòtì mẹ́jọ dì mú, tí sípánà lè tú, ó ṣì súnmọ́ ayálégbé. Láàárín méjèèjì, àríyànjiyàn ni. Ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì bá fọwọ́ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló ń gé àríyànjiyàn náà kúrú, torí òfin gbà kí onílé àti ayálégbé fẹnu kò sí ohun tó yàtọ̀ sí ìlànà yẹn.

Èkó tilẹ̀ ti kọ apá kan rẹ̀ sínú òfin ilé gbígbé wọn ti 2011: ayálégbé tó gba àṣẹ onílé lákọsílẹ̀ kó tó tún ilé ṣe, bí onílé bá ní kó jáde, ó lè béèrè owó àtúnṣe náà. Òfin Èkó nìyẹn o, kò dé Àkúrẹ́. Mo mẹ́nu kàn án nítorí àwọn tó máa ń ka nǹkan lórí fóònù kí wọ́n tó wá bá onílé wọn ní Ìjàpọ̀ jà.

Ẹ tún yẹ àgírímẹ́ǹtì yín wò. Nínú èyí tó pọ̀ jù tí àwọn lọ́yà ń tẹ̀, ìlà kan wà níbẹ̀ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ ṣe àyípadà tàbí àfikún láìgba àṣẹ onílé lákọsílẹ̀. Ẹ ti sanwó àgírímẹ́ǹtì, ẹ ti fọwọ́ sí i, ẹ kàn lè máà tíì kà á ni. Bí ìlà yẹn bá wà níbẹ̀, "kò burú" tí bàbá sọ lẹ́nu kò kún ohun tí ìwé béèrè. Ilé ẹjọ́ lè ṣàánú ayálégbé tí onílé rí lójoojúmọ́ tí kò sì bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa wá ẹlẹ́rìí.

### Bóòtì tàbí sìmẹ́ǹtì

Bí irin ṣe máa dúró lára ògiri ló yẹ kó ṣáájú nínú lẹ́tà, nítorí òun ló ń sọ bóyá yíyọ rẹ̀ ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ ká lo fúláàtì Ọ̀bá-Ilé yẹn: fèrèsé mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin, ìyẹn mítà 1.2, gíláàsì tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni gbogbo wọn.

Rọ́ọ̀dù mílímítà 12 ló wọ́pọ̀. Àlàfo láàárín rọ́ọ̀dù méjì kò yẹ kó ju mílímítà 100 lọ, bí íǹṣì mẹ́rin, kí orí ọmọdé má baà lè gbà á kọjá. Tí a bá fi mílímítà 100 ya àárín rọ́ọ̀dù kan sí àárín èkejì, fèrèsé kan gba rọ́ọ̀dù 11 tó nàró. Igi rọ́ọ̀dù kan jẹ́ mítà 12, tí a bá gé e sí 1.2 yóò fún wa ní ègé mẹ́wàá. Fèrèsé mẹ́rin ń fẹ́ ègé 44, nítorí náà igi márùn-ún ni ẹ máa rà. Férémù rẹ̀ jẹ́ fúláátì báà, tí igi rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́fà: ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin jẹ́ 4.8, ọ̀kan tó dábùú àárín jẹ́ 1.2, igi kan gééré fún fèrèsé kan. Kò burú kí ẹ mọ èyí kí wẹ́dà tó sọ iye tirẹ̀.

Wẹ́dà tí ẹ kò bá bá sọ̀rọ̀, sìmẹ́ǹtì ló máa lò. Yóò jó ẹsẹ̀ mọ́ férémù, yóò gbẹ́ ihò sí ògiri, yóò fi sìmẹ́ǹtì òun yanrìn dí i. Ó lágbára, olè kò lè fi sípánà tú u. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí bí igun ṣe ń bá a jáde. Ọ̀nà kejì ni bóòtì tó ń fẹ̀ nínú ògiri, èyí tó nípọn mílímítà 10 tó sì gùn tó 100, méjì méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ fún fèrèsé kan. Nígbà tí ẹ bá tú u, ihò róbótó lásán ló kù, sìmẹ́ǹtì díẹ̀ àti ọ̀dà díẹ̀ á sì bò ó.

Ibi tí bóòtì ti ń já ènìyàn kulẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù oníhò. Bí dírílì bá wọlé díẹ̀ tó sì já lọ wìì bí ẹni pé kò sí nǹkan níwájú rẹ̀ mọ́, inú ihò búlọ́ọ̀kù lẹ wà. Bóòtì kò ní rí ohun tí yóò fẹ̀ mọ́. Yóò dà bí ẹni pé ó ti le, ọwọ́ kan ni olè máa fi fà á. Kọnkéré tó dábùú orí fèrèsé kò níṣòro. Nítorí náà ẹ gbìyànjú kí bóòtì òkè wọ kọnkéré yẹn. Fún ti ẹ̀gbẹ́, kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì kún inú ihò, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó lu ú. Kí olè má baà fi sípánà tú u, ẹ ní kí wẹ́dà jó orí nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹyọ ibì kan péré. Lọ́jọ́ ìkójáde, gíráńdà á fá ojú ìjó yẹn láàárín ìṣẹ́jú kan láìfọwọ́ kan ògiri.

Inú ilé ni kí irin wà tàbí ìta? Onílé tó bá kọ̀ jálẹ̀, ìta ló máa ń bí i nínú. Irin ìta ń yí ojú ilé padà, fúláàtì kan á dà bí àhámọ́ láàárín mẹ́fà. Òjò tún ń bẹ níbẹ̀: ihò tí a kò dí dáadáa ń gbomi sínú ògiri, irin tí a kò fi ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà kùn kí a tó kun ọ̀dà olóròóró lé e lórí á dógùn-ún, omi rẹ̀ á sì fa ìlà pupa sísàlẹ̀ ògiri. Bí onílé bá ń wojú yín bí ẹni tí kò fẹ́, ẹ dábàá inú ilé. Gíláàsì ṣì lè fọ́, ṣùgbọ́n irin á wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fò: irin fèrèsé yàrá tí ènìyàn ń sùn gbọ́dọ̀ ní èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, tó ní ágádágodo láti inú. Bí iná bá dí ọ̀nà pálọ̀, ibẹ̀ ni ẹ máa gbà jáde. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sí ibi tí ọwọ́ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè tó, tí ọwọ́ ẹni tó dúró síta fèrèsé kò lè tó.

### Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀

Ojú ewé kan tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, ẹ gbé e lọ fúnra yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ bá bàbá tàbí màmá onílé sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kàn ju lẹ́tà sábẹ́ ilẹ̀kùn fún onílé tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ti da iṣẹ́ náà rú. Bí ó ṣe lè lọ nìyí:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú bójú tó wa. Èmi ni ayálégbé yín ní fúláàtì kejì, ìsàlẹ̀. Mo fi ọ̀wọ̀ tọrọ àṣẹ yín láti fi irin sí fèrèsé mẹ́rin, láti inú ilé. Bóòtì ni wọn yóò fi dè é, mẹ́jọ fún fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Wọn kò ní gbẹ́ ihò fún sìmẹ́ǹtì sára ògiri. Irin fèrèsé yàrá méjèèjì yóò ṣeé ṣí. Èmi ni n ó san gbogbo owó rẹ̀, n kò sì ní yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Nígbà tí mo bá ń kó jáde, mo lè yọ irin náà, n ó sì dí gbogbo ihò, n ó kun ojú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó dúró, a ó jọ fẹnu kò sí iye tí ẹ máa san kí n tó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i."

Lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀: "Mo gbà bẹ́ẹ̀," orúkọ, ìbuwọ́lù, ọjọ́. Àyè kan náà fún ẹlẹ́rìí kan. Ẹ ya fọ́tò fèrèsé kọ̀ọ̀kan kí wẹ́dà tó dé, ẹ so ó mọ́ ẹ̀dà yín.

Gbólóhùn tó ń sọ ti ọjọ́ ìkójáde ló wúwo jù nínú rẹ̀. Onílé lè fẹ́ yí i padà. Àwọn kan á ní, "Ẹ fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ kò ní yọ ọ́." Ìyẹn náà dára, bí ó bá wà nínú ìwé, torí ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀bùn lẹ ń fún ilé, ẹ lè sọ pé kí ó dín owó ilé kù díẹ̀, tàbí kí ẹ lo irin tí kò wọ́n. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: onílé ń bẹ̀rù ògiri rẹ̀, ayálégbé ń bẹ̀rù owó rẹ̀, gbólóhùn kan yẹn ló ń tu àwọn méjèèjì lára.

### Ọwọ́ ta ni àṣẹ wà?

Éjẹ́ǹtì tó mú yín wọlé lè má ní àṣẹ láti gbà fún yín. Ẹ béèrè ìwé tí onílé fi yàn án, tàbí kí onílé fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí bàbá bá ti di olóògbé tí ilé sì di ti ẹbí, ọmọ tó ń gba owó kọ́ ló ni ilé nìkan. Ìbuwọ́lù olórí ẹbí, pẹ̀lú ti àwọn ọmọ tó ṣe kókó, ni yóò gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò tó máa ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ kan pé wọn kò sọ fún òun.

Bí onílé kò bá mọ̀wé, ìtẹ̀ka rẹ̀ nìkan kò tó. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ní kí ẹni tó kọ ìwé náà kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kó kà á síta ní èdè tí onílé gbọ́, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Ẹ kọ ìlà kan tó sọ pé a ti ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ bá fi Yorùbá kọ ń mú kí èyí rọrùn.

Onílé tó wà lókè òkun ńkọ́? Ẹ fi fọ́tò lẹ́tà ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, kí ó dáhùn lábẹ́ rẹ̀ gan-an pé òun gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí lábẹ́ òfin ẹ̀rí ti 2011, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà ìwé-ẹ̀rí tí lọ́yà yín máa tẹ̀lé, nítorí náà ẹ má pa fóònù yẹn rẹ́, ẹ má sì gbà "👍" lásán.

### Ọ̀dà: ìṣirò tí onílé ń ṣe lọ́kàn

Ọ̀dà rọrùn ju irin lọ, òun náà sì máa ń jẹ owó kọ́ṣọ̀n tí ẹ fi sọ́wọ́ onílé nítorí ìbàjẹ́. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 10: ògiri mẹ́rin, ká yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kan, kù bíi mítà onígun mẹ́rin 41. Lórí rọ́bà, wọ́n lè kọ ọ́ pé lítà kan ń kun 10 tàbí 12. Ògiri tó ń mu ọ̀dà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi mẹ́jọ ṣírò. Ìkùn kan jẹ́ lítà márùn-ún, ìkùn méjì jẹ́ 10, ìdajì rọ́bà lítà 20.

Ìyẹn bí ẹ bá ń kun àwọ̀ tó fúyẹ́ sórí àwọ̀ tó fúyẹ́. Bí ẹ bá fi pupa tàbí búlúù tó jinlẹ̀ kùn ún, ẹni tó bá fẹ́ dá a padà sí funfun á kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lítà 15 sí 20 fún yàrá kan ṣoṣo. Onílé tó ní "ẹ má kun pupa" kò kórìíra pupa, rọ́bà tó máa rà lẹ́yìn yín ló ń rí. Kí lẹ́tà sọ orúkọ àwọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ lórí káàdì, kó sì sọ ẹni tí yóò dá a padà.

Kó tún sọ irú ọ̀dà. Ẹ̀máṣọ̀n tí ẹ bá fẹ́ kùn sórí ọ̀dà olóròóró tí a kò fi sáńpépà há kò ní dì mú. Á máa ṣí bí awọ àlùbọ́sà. Ẹni tó fi ọ̀dà olóròóró kun ilé ìdáná kí ó lè máa nù ún ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ má sì kun ògiri tó ń rin. Ẹ gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ibi tó ń wú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, lára ògiri, inú ògiri ló ti ń wá, ọ̀dà yòówù tí ẹ bá kùn á wú bí àkàrà. Iṣẹ́ onílé nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi sínú lẹ́tà kan náà, torí ẹni tó kun ojú ìrin kẹ́yìn ni wọ́n máa ń dì í mọ́ lọ́rùn.

### Sátidé yẹn

Ní Ọ̀bá-Ilé, wẹ́dà kó gíráńdà rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó gba owó ìdajì ọjọ́. Irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró síbẹ̀. Wọ́n yọ owó igun fèrèsé tó fọ́ nínú kọ́ṣọ̀n. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, éjẹ́ǹtì mú ẹlòmíràn wá wo fúláàtì náà. Obìnrin náà rìn yíká, ó tẹ ọwọ́ mọ́ irin pálọ̀, ó béèrè pé ṣé bọ́gúlárì wà ní gbogbo fèrèsé. Éjẹ́ǹtì ní, "Ó wà ma, bẹ́ẹ̀ ni onílé ṣe é." Ó sì fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà lé owó ilé.